Máàkì orin ní ilé ẹ̀kọ́ girama: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìṣeré, ìtẹ́tísílẹ̀ àti orin híhun

Olùkọ́ orin ni mí, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ló sì ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Kí ọ̀rọ̀ má baà rú wa lójú, ìṣeré ni mo máa pe kí ọmọ kọrin tàbí kó fi ohun èlò ṣeré fún etí ẹlòmíì. Ìtẹ́tísílẹ̀ ni kó gbọ́ orin tí a tẹ̀ fún un, kó sì sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀. Híhun orin ni kó dá orin tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti pín máàkì sí 40 fún ìṣeré, 30 fún ìtẹ́tísílẹ̀, 30 fún híhun orin. Ṣé kò tíì dọ́gba bẹ́ẹ̀?

Lórí ìwé, ó dára. Kò jìnnà sí ohun tí àwọn kan ń lò níbòmíì: nínú ìdánwò orin tí àwọn ọmọ bí ọdún 16 ń ṣe ní Íńgílándì, ìlànà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni ní 2016 fi 40 sí ìtẹ́tísílẹ̀, 30 sí ìṣeré, 30 sí híhun orin. Àmọ́ iye tí ẹ kọ sórí ìwé kọ́ ló ń pinnu ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó kẹ́yìn. Bí máàkì ṣe jìnnà síra wọn ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ọmọ kíláàsì gba 15 nínú 20 fún ìṣeré. Ìṣeré ti di ẹ̀bùn tí gbogbo wọn jọ pín nìyẹn. Kò gbé ẹnikẹ́ni sókè, kò sì fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Bí ẹ bá tiẹ̀ sọ pé ìṣeré ló kó 80 nínú 100, kò ní yí ipò ọmọ kankan padà. Apá tí máàkì ti tàn ká, tí ẹnì kan gba 25 tí ẹlòmíì gba 90, ni yóò máa darí èsì yín láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́.

Ohun tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì orin gan-an nìyẹn. Máàkì ìṣeré máa ń kó jọ sí òkè, nítorí ọmọ dúró níwájú wa, ẹ̀rù ń bà á, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá. Ìwé ìtẹ́tísílẹ̀ kò lójú, kò lè sunkún, nítorí náà máàkì rẹ̀ máa ń tàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá, kí a rí i.

Ẹ mú kíláàsì ọmọ 24. Nínú ìṣeré, máàkì wọn wà láàárín 66 àti 82, àárín kíláàsì, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo wọn, sì jẹ́ 74. Nínú híhun orin, wọ́n wà láàárín 50 àti 75, àárín jẹ́ 62. Nínú ìtẹ́tísílẹ̀, láti 25 dé 90 ni, àárín jẹ́ 60. Inú 100 ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ kan ń fọn fèrè. Ó gba 80 fún ìṣeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni tó dára jù ní kíláàsì. Ó gba 65 fún híhun orin, àti 45 fún ìtẹ́tísílẹ̀. Ọmọ kejì ń ta gìtá. Ó gba 72 fún ìṣeré, èyí tó wà lábẹ́ àárín kíláàsì díẹ̀, 62 fún híhun orin, àti 85 fún ìtẹ́tísílẹ̀.

Ẹ fi 40, 30, 30 ṣírò rẹ̀. Onífèrè ní 32 láti inú ìṣeré, 19.5 láti inú híhun orin, 13.5 láti inú ìtẹ́tísílẹ̀: àpapọ̀ jẹ́ 65. Onígìtá ní 28.8, 18.6 àti 25.5: àpapọ̀ jẹ́ 72.9. Onígìtá fi nǹkan bí 8 ṣáájú.

Ibo ni 8 yẹn ti wá? Nínú ìṣeré, tí a ní ó ṣe pàtàkì jù, ohun tí onífèrè fi ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ jẹ́ 3.2 péré. Nínú híhun orin, 0.9 ni. Nínú ìtẹ́tísílẹ̀, 12 ni onígìtá fi jù ú lọ. Apá tí a kọ 30 sí ló jẹ àwọn méjì yòókù mọ́lẹ̀. Èyí kò sọ onígìtá di olè, ọmọ náà ní etí tó dára. Ṣùgbọ́n a ti sọ fún onífèrè pé ìṣeré ló wúwo jù, ó lọ lo gbogbo sáà lórí fèrè rẹ̀, a wá fi ohun mìíràn wọ̀n ọ́n.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ìwé máàkì tèmi wò?

Ẹ wo bí máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín kíláàsì, bóyá lókè ni o tàbí nísàlẹ̀, kí ẹ wá ìpíndọ́gba àwọn ìjìnnà yẹn. Ẹ ṣe é fún apá kọ̀ọ̀kan. Nínú kíláàsì òkè yìí, ìjìnnà náà jẹ́ 4 fún ìṣeré, 6 fún híhun orin, 16 fún ìtẹ́tísílẹ̀. Ẹ wá fi ìwọ̀n tó wà lórí ìwé sọ wọ́n di púpọ̀: 4 lọ́nà 40 jẹ́ 160, 6 lọ́nà 30 jẹ́ 180, 16 lọ́nà 30 jẹ́ 480. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ nìyẹn, kì í ṣe 40, 30, 30. Ìtẹ́tísílẹ̀ nìkan ti ju méjì yòókù pọ̀ lọ.

Bí ẹ bá kọ máàkì sínú tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, tí apá kan wà ní òpó B láti ìlà 2 dé 25, ìlà kan péré ló máa fún yín ní ìjìnnà náà:

```
=AVEDEV(B2:B25)
```

Bí apá kan bá ju òmíràn lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tíì kọ èsì.

Ṣé kí n wá tún máàkì náà ṣírò kí ìjìnnà lè dọ́gba?

Ẹ lè ṣe é láti fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ àárín kíláàsì kúrò nínú máàkì ọmọ, ẹ fi ìjìnnà pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, kí ẹ sì fi 60 kún un. Gbogbo apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá ní àárín kan náà àti ìtànká kan náà:

```
=60+10*(B2-AVERAGE(B$2:B$25))/AVEDEV(B$2:B$25)
```

Fún onífèrè, ìṣeré di 75, híhun orin di 65, ìtẹ́tísílẹ̀ di nǹkan bí 51. Fún onígìtá, 55, 60 àti nǹkan bí 76. Ẹ wá fi 40, 30, 30 ṣírò rẹ̀ padà: onífèrè ní nǹkan bí 65, onígìtá ní nǹkan bí 63. Ipò wọn ti yí padà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ kankan kò tún orin kọ.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi èyí kọ èsì ìkẹyìn. Ìṣirò yìí ń fi ọmọ wé kíláàsì rẹ̀ ni, kì í fi í wé ohun tó yẹ kó mọ̀. Bí gbogbo kíláàsì bá ṣe dáadáa, yóò ṣì fa àwọn kan wálẹ̀. Nínú kíláàsì tí kò tó 20, ọmọ kan tó gba òdo nítorí pé kò wá lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ó tún burú jù bí máàkì bá kó jọ nítorí pé olùkọ́ kò fara balẹ̀ gbọ́: ìṣirò yóò na àṣìṣe rẹ̀ gùn, yóò sọ ìyàtọ̀ 1 tí kò ní ìtumọ̀ di ìyàtọ̀ ńlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń padà síbi tí máàkì ti ń jáde, tí mo ń tún ìdánwò fúnra rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn ìdáhùn tó kù ń lọ.

Kí ni mo lè ṣe kí máàkì ìṣeré má kó jọ?

Ẹ má fi máàkì kan ṣoṣo sí gbogbo ìṣeré. Ẹ pín in sí ohun mẹ́ta tí etí lè yà sọ́tọ̀: bí àkókò orin ṣe dúró, bí ìró ṣe ṣe déédéé, àti bí ọmọ ṣe mú orin náà sọ̀rọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ohun tí etí máa gbọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. "Ó dára", "ó dára gan-an" àti "ó tayọ" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí mo ṣe kọ ti àkókò nìyí. Ìpele 1: ọmọ ń dúró láti wá ìró tó kàn, ẹni tó ń gbọ́ kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìpele 2: a lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ń fà níbi tó le, ó sì ń sáré níbi tó rọrùn. Ìpele 3: àkókò dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó bá tiẹ̀ ṣì ìró kan, kò dúró. Ìpele 4: àkókò dúró, ọmọ sì ń lò ó, ó mọ̀ọ́mọ̀ rọra níbi tí gbólóhùn orin parí, ó sì padà sí ìyára rẹ̀ láìkọsẹ̀.

Ẹ rí i pé àánú kò ní àyè púpọ̀ níbẹ̀. Bóyá ẹsẹ̀ mi lè tẹ̀ lé e àbí kò lè tẹ̀ lé e, mo lè dáhùn rẹ̀ láìwo ojú ọmọ.

Ṣé ó ṣe pàtàkì kí n gba ohùn wọn sílẹ̀? Kò sí àyè fún un.

Fóònù kan tó. Mo ní ìdí méjì.

Èkíní, bí ẹ bá fi ojú wo ọmọ, ojú lẹ máa fi gbọ́ orin. Ní 2013, Chia-Jung Tsay tẹ ìwádìí kan jáde tó yà mí lẹ́nu: ó ní kí àwọn ènìyàn mọ ẹni tó gbégbá orókè nínú ìdíje orin. Àwọn tó wo fídíò tí kò ní ohùn rárá mọ̀ ọ́n ju àwọn tó gbọ́ ohùn nìkan lọ, títí kan àwọn tó fi orin ṣiṣẹ́ jẹun. Èyí ni pé bí ọmọ ṣe ń mi orí àti bó ṣe dúró máa ń wọ inú máàkì láìkanlẹ̀kùn. Bí ìdúró bá wà lára ohun tí ẹ kọ́ wọn, ẹ fún un ní máàkì tirẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gbọ́ ohùn nìkan.

Èkejì, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yẹn máa ń ràn mọ́ àwọn yòókù. Edward Thorndike kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1920, nígbà tó rí i pé àwọn ọ̀gá ológun tó ń dá máàkì fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ń jẹ́ kí ìwà kan tí wọ́n fẹ́ràn kun gbogbo máàkì yòókù. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ dùn yóò gba ìpele 4 fún àkókò, bó bá tiẹ̀ ń sáré. Bí ẹ bá ní ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, ẹ gbọ́ àkókò nìkan fún gbogbo ọmọ 24, kí ẹ tó padà wá gbọ́ ìró. Nígbà kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí àwọn tí a kọ́kọ́ gbọ́ máa ń jìyà ìkanra wa, àwọn tó kẹ́yìn sì máa ń jìyà àárẹ̀ wa. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ti tó. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ orin tán.

Àwọn kan ní olùkọ́ nílé, wọ́n sì ń ṣe orin tó le. Ṣé kí n fún wọn ní àfikún?

Díẹ̀. Kì í ṣe ìlọ́po.

Mo ti ṣe ìlọ́po rí, mo sì jẹ̀bi. Mo ní orin tó le máa gba ìlọ́po 1.5. Ọmọ kan mú orin tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó ń kọsẹ̀ káàkiri, mo fún un ní 10 nínú 20. Ìlọ́po sọ ọ́ di 15. Ẹlòmíì kọ orin kékeré kan, ó mọ́ tónítóní, mo fún un ní 14, ó sì dúró ní 14. Ẹni tó ń kọsẹ̀ borí. Nígbà tó di sáà kejì, ńṣe ni gbogbo kíláàsì mú orin tó ju ọwọ́ wọn lọ wá. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé nínú máàkì 20, 17 jẹ́ ti bí orin ṣe dára, 3 jẹ́ ti bó ṣe le. Orin tó rọrùn gba 1, tó wà láàárín gba 2, tó le gba 3. Ẹni tó bá fi orin tó rọrùn ṣe dáadáa lè dé 18. Kò sí ọmọ tí yóò fi líle nìkan gun òkè, kò sì sí ẹni tí àìní olùkọ́ nílé máa sọ di ẹni ẹ̀yìn.

Ìdánwò ìtẹ́tísílẹ̀ mi ń fọ́ wọn. Ṣé etí wọn ni kò dá ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yin kò dán etí wọn wò. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìtẹ́tísílẹ̀ ló ń dán orúkọ wò. Ẹ tẹ orin, ẹ ní "kí ni orúkọ irú ìyára yìí?" Ọmọ gbọ́ pé orin náà ń lọ jẹ́jẹ́, ó gbọ́ ibi tó ti yára, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ tí ẹ kọ sójú pátákó lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Òdo. Ẹnìkejì há orúkọ náà sórí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gba máàkì.

Ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú orin bí ìṣẹ́jú àáyá 40 tó ní apá méjì. Ẹ ya ìlà kan sórí ìwé, kí ẹ pín in sí 0, 10, 20, 30, 40. Ẹ ní: "Fi àmì sí ibi tí apá kejì ti bẹ̀rẹ̀. Sọ ohun méjì tó yí padà níbẹ̀." Ọmọ tó kọ pé "ìlù dákẹ́, fèrè nìkan ló kù, ó sì rọra" ti gbọ́ orin náà, ó yẹ kó gba máàkì rẹ̀ pé. Ẹ lè fún lílo orúkọ tó tọ́ ní máàkì tirẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí ó ju 6 nínú 30 lọ.

Ẹ fún wọn ní ìdajì ìṣẹ́jú láti ka ìbéèrè kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ láàárín rẹ̀ kí wọ́n lè kọ̀wé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìrántí ni ẹ ń dán wò. Ẹ rìn lọ sí ìlà ẹ̀yìn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ fi máàkì àwọn ará ẹ̀yìn wé ti iwájú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ló kùnà ìdánwò, kì í ṣe àwọn ọmọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìbéèrè tí kò dára?

Ẹ mú ọmọ 8 tó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ìwé ìtẹ́tísílẹ̀ àti 8 tó kẹ́yìn. Ẹ ka iye tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dáadáa. Bí 7 bá gbà á lókè, tí 2 gbà á nísàlẹ̀, ìbéèrè yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí 4 bá gbà á lókè, tí 5 gbà á nísàlẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀: bóyá ìbéèrè náà ní ìtumọ̀ méjì, bóyá ìdáhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ ló tàsé, tàbí orin tí àwọn kan ti mọ̀ láti ilé ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú máàkì, ẹ kò ní láti dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Híhun orin ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohun tó bá wu etí olùkọ́ ni máàkì rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ní "ẹ lọ hun orin" lásán. Ẹni kan yóò mú orin ìṣẹ́jú mẹ́rin wá, ẹlòmíì yóò mú ìró mẹ́jọ wá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ààlà ló ń jẹ́ kí máàkì ṣeé dá.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún wọn nìyí: "Hun orin bí ìṣẹ́jú kan fún ohùn tàbí ohun èlò kan. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò kékeré kan tí kò ju ìró 5 lọ. Mú un padà lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ìpadàbọ̀ kan yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Jẹ́ kí a mọ̀ pé orin náà ti parí." Ìbéèrè tèmi nígbà tí mo bá ń dá máàkì kò ní ọ̀rọ̀ adùn tàbí àìdùn nínú. Ṣé mo lè mọ èrò náà nígbà tó padà wá? Ṣé ìyàtọ̀ tó mú wá gbé orin síbì kan, àbí ó kàn yàtọ̀? Ṣé ó parí, àbí ó kàn dákẹ́ ni? Ọmọ tó fi ìró mẹ́ta ṣe gbogbo èyí lè gba máàkì tó ga ju ẹni tó to kọ́ọ̀dù lé kọ́ọ̀dù láìní ibi tó ń lọ.

Mi ò ní dandan pé kí wọ́n kọ ọ́ ní àmì orin. Kí ọmọ kọrin náà sínú fóònù ti tó, àfi bó bá jẹ́ pé kíkọ àmì ni ẹ kọ́ wọn ní sáà yẹn, kí ẹ wá fi máàkì tirẹ̀ sí i lọ́tọ̀.

Mo ṣì ń ṣiyèméjì nígbà tí mo bá ń dá máàkì orin tí wọ́n hun.

Etí wa mọ èyí tó dára nínú méjì ju bó ṣe mọ bóyá kan jẹ́ 13 tàbí 15. Louis Thurstone ló gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1927, títí di òní ni wọ́n sì ń lò ó fún iṣẹ́ àkọsílẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà: kí a máa fi iṣẹ́ wéra ní méjì méjì, kí a wá to gbogbo rẹ̀ láti ara àwọn tó borí. Ìṣòro ibẹ̀ ni àkókò. Bí a bá fi orin kọ̀ọ̀kan nínú 24 wé 10 mìíràn, ìfiwéra 120 ni. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, wákàtí mẹ́rin gbáko nìyẹn. Olùkọ́ mẹ́ta lè pín in. Ẹnì kan ṣoṣo kò ní lè máa ṣe é léraléra.

Fún ẹni tó dá wà, ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìkọ máàkì. Ẹ yan mẹ́ta: ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè. Ẹ fún wọn ní máàkì, ẹ jẹ́ ká ní 7, 12 àti 17 nínú 20. Gbogbo orin yòókù, ẹ bi ara yín: ṣé ó wà lókè ti 12 yìí tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀? Ẹ tọ́jú àwọn mẹ́ta yẹn di ọdún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni máàkì ọdún méjì ti máa lè wo ojú ara wọn.

Ọmọ kan fi kọ̀ǹpútà to àwọn orin àtòpọ̀, ìyẹn ègé orin kéékèèké tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀. Ó dún bí ti rédíò. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fún dídún bí ti rédíò ní máàkì. Ẹni tó ṣe ohun èlò náà ló ni ín. Ẹ gba ẹ̀dà méjì lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́rin tó sọ ohun tó yí padà àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta: "Yí ìparí yìí padà níbí, kó dà bíi pé orin náà kò tíì parí." Ọmọ tó hun orin rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò gbìyànjú nǹkan, bí kò tiẹ̀ dára. Ẹni tí ẹlòmíì bá hun tiẹ̀ yóò máa wo yín. Ọmọ tó ń lo orin àtòpọ̀ lè gba máàkì tó ga o, bó bá fi hàn pé òun ló pinnu ibi tí wọ́n ti wọlé, ibi tí wọ́n ti dákẹ́ àti ìdí.

Ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún ló jọ ṣeré. Ṣé máàkì kan náà ni wọ́n máa gbà?

Rárá. Ẹ gbé fóònù sítòsí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àkókò kan nínú ìmúrasílẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ tirẹ̀. Ẹ fún un ní máàkì tirẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ sí bí ẹgbẹ́ ṣe gbọ́ ara wọn. Mo máa ń fi 15 sí ti ẹni, 5 sí ti ẹgbẹ́.

Ọmọ kan wà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Ṣé kí n yọ ìtẹ́tísílẹ̀ kúrò fún un?

Ẹ bá òun àti àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pinnu. Ọ̀pọ̀ ìgbà, agbọ́hùn orí tó dára, kó máa tẹ orin fúnra rẹ̀ níye ìgbà tó bá fẹ́, àti àkókò díẹ̀ sí i ni gbogbo ohun tó nílò. Bí gíga ìró bá jẹ́ ohun tí etí rẹ̀ kò lè mú rárá, ẹ jẹ́ kó dáhùn ìbéèrè lórí ìlù, àkókò àti ètò orin, kí ẹ ṣírò máàkì rẹ̀ láti inú ìyẹn nìkan. Kí ó má jẹ́ pé ẹ kàn fún un ní àárín kíláàsì. Ìyẹn kì í sọ ohun tó mọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọwọ́ mi dúró?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú ìṣeré mẹ́fà tí ẹ gbà sílẹ̀, kí ẹ dá máàkì wọn lẹ́ẹ̀kejì láìwo ti àkọ́kọ́. Bí méjì nínú wọn bá fi ju 2 lọ nínú 20 yàtọ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ náà ló yí padà. Ẹ padà wo gbólóhùn ìpele tí ẹ kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìpele 2 àti 3 ni kò yà sọ́tọ̀ tó. Bí olùkọ́ orin mìíràn bá wà nítòsí, ẹ fún un ní mẹ́fà yẹn pẹ̀lú tábìlì ìpele yín, kí ẹ má sọ máàkì yín fún un.

Òbí kan ní ọmọ òun ló mọ fèrè jù, kí ló dé tí kò ṣe ipò kìíní?

Ẹ pè é wọlé, ẹ má jiyàn. Ẹ tẹ ìṣeré ọmọ rẹ̀ fún un, ẹ fi tábìlì ìpele sí iwájú rẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ dá máàkì. Ẹ wá gbé ìwé ìtẹ́tísílẹ̀ ọmọ náà jáde, kí ẹ fi ìlà tó ní 0 dé 40 hàn án, ibi tí ọmọ rẹ̀ fi àmì sí àti ibi tí orin ti yí padà. Ẹ tẹ orin náà. Òbí tó bá mi wá pẹ̀lú ìbínú gbẹ̀yìn fi ọwọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá 22 fúnra rẹ̀, ó wo àmì ọmọ rẹ̀ tó wà ní 9, ó sì bi mí bóyá mo lè fún un ní orin márùn-ún irú èyí lọ sílé.